Kíríátíìnì nígbà tí apá wà nínú píópì: ṣé lóòótọ́ ni apá kò ní rù?

Ọmọ Ọ̀fà ní Kúbwà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀kadà gbé mi ṣubú lójú ọ̀nà Kúbwà ní ọjọ́ 9 sẹ́yìn. Egungun apá òsì mi kán, wọ́n sì de píópì fún mi láti àtẹ́lẹwọ́ títí kọjá ìgúnpá. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ní kó lò. Ọmọ ọdún 34 ni mí, kílò 72, n kò ní àìsàn kankan. Ọ̀rẹ́ mi gbé ike kíríátíìnì gíráàmù 300 wá fún mi, ìyẹ̀fun tí àwọn tó ń lọ sí jíìmù máa ń mu, ó ní tí mo bá ń mu ún, ẹran apá mi kò ní gbẹ. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, báwo ni kí n ṣe máa mu ún?

Baba Jíìmù Gwárínpà

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ. Wọ́n ti dán an wò ní Kánádà, ọdún 2009 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde. Wọ́n de píópì mọ́ apá àwọn ọ̀dọ́kùnrin fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí wọn kò mu kíríátíìnì, ó lé ní ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí wọ́n fi ń ká apá tó bá píópì lọ. Nígbà tí wọ́n mu ún, bí ìdá 4 péré ló lọ. Kí lo tún ń wá? Ṣíbí kékeré 4 lóòjọ́, gíráàmù 5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: òwúrọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, àti nígbà tí o bá fẹ́ sùn. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 7, lẹ́yìn náà kí o máa mu ṣíbí 1 lóòjọ́ títí ike á fi tán. Alẹ́ yìí ni kí o bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 9 ti lọ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì Nyányà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra o. Bàbá àwọn ọmọ mi ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kíríátínínì yìí gan-an ni dókítà fi bírò yí ká lórí ìwé, ó ní ó ti ga jù, pé kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi ọwọ́ wọ́n iyọ̀ nílé. Ohun tí dókítà ń lé kúrò lẹ́jẹ̀ èèyàn lẹ wá ń ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa fi ṣíbí bù mu ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́? Àbí ó ń mú kí egungun tètè so ni? Egungun ló ní ó kán, kò sọ pé ẹran.

Dàńládì Onísúyà

Gbogbo wàhálà yìí! Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àbújá tí ẹ kò mọ oògùn. Ọmọ Ọ̀fà, lọ ra kílíṣí. Inú ẹran màlúù ni kíríátíìnì wà, Ọlọ́run ti gbé e síbẹ̀ kí wọ́n tó dá jíìmù sílẹ̀.

Físíò Kàdúná

Ẹ kú ìjókòó, gbogbo yín. Iṣẹ́ físíò ni mo ń ṣe, apá àti ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú píópì sì ni mo ń rí jù lọ lójúmọ́.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Orúkọ méjèèjì jọra bí ìbejì yín ni, wọn kì í ṣe ẹnì kan náà. Kíríátíìnì ni èyí tí ẹran ara kó pamọ́ láti fi ṣe agbára ojú ẹsẹ̀. Kíríátínínì ni èyí tó bá ti lò ó tán, tí kíndìnrín ń kó dànù sínú ìtọ̀. Ẹni tó bá ń mu ti àkọ́kọ́, èkejì lè ga díẹ̀ lórí ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ bí kíndìnrín rẹ̀ tilẹ̀ dá ṣáṣá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ ọ́ fún dókítà kó tó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, kó má baà kà á sí àìsàn. Ṣùgbọ́n ti bàbá yàtọ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣe ségesège, kó má fọwọ́ kan ike yẹn àfi tí dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ bá ní kó mu ún. Ní ti egungun, rárá, ẹ má retí pé yóò tètè so nítorí rẹ̀.

Dàńládì, o kò parọ́, ṣùgbọ́n ṣírò ó. Kílò kan ẹran màlúù tútù kò ju bíi gíráàmù 4 sí 5 lọ. Kí Ọmọ Ọ̀fà tó rí ìwọ̀n ṣíbí 1, á jẹ kílò ẹran kan lóòjọ́. Bí ẹran bá sì ṣe ń pẹ́ lórí iná, lára kíríátíìnì inú rẹ̀ á máa di kíríátínínì ọkọ Ìyá Ìbejì.

Ẹ̀gbọ́n Baba Jíìmù, iṣẹ́ tí ẹ sọ wà lóòótọ́, ẹ kò sì ṣi nọ́ńbà kà. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ pé èèyàn 7 péré ni wọ́n. Ẹ kò sì sọ bí wọ́n ṣe tò ó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo wọn wọ píópì, wọ́n ń mu ìyẹ̀fun lásán. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n bọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta, gbogbo wọn tún wọ̀ ọ́, wọ́n wá ń mu kíríátíìnì. Wọn kò lè yí i padà, torí kíríátíìnì kì í tètè kúrò lára, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń lò. Ẹ wò ó: apá kan náà ni, ó ti gbé píópì rí, ẹni tó ni í ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọn agbára. Ìgbà kejì lè dára ju ìgbà àkọ́kọ́ lọ fún ìyẹn nìkan. Ó tún ku kinní kan. Wọ́n ní ẹran apá náà tilẹ̀ pọ̀ sí i díẹ̀ nínú píópì. Kíríátíìnì máa ń fa omi wọ inú ẹran, ẹ̀rọ tó ń wọn ara sì máa ń ka omi yẹn mọ́ ẹran. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún lónìí, kílò 1 lè gun orí òṣùwọ̀n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò sì tíì gbé nǹkan kan.

Baba Jíìmù Gwárínpà

Físíò, mo gbà pé omi wà níbẹ̀. Ṣé omi náà ló ń gbé irin? Láti 21 bọ́ sí 4, ìyẹn kì í ṣe omi. Ọdún 16 ni mo ti ń mu nǹkan yìí, mo mọ ohun tó ń ṣe.

Físíò Kàdúná

Mo gbà fún yín níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Omi kò lè ṣàlàyé agbára tán, òun gan-an ni kò jẹ́ kí n da iṣẹ́ náà nù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń mu ún, ẹ sì ń gbé irin. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Àlàbí Kánò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tèmi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kán lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù la ń gbá ní Sábọ́n Gàrí. Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ fẹ́ gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọ̀pá àti aṣọ to eegun, mo kọ̀ ọ́, mo lọ sí ọsibítù. Wọ́n de píópì láti ọmọ ìka dé itan, ọ̀sẹ̀ 8. Odidi ọ̀sẹ̀ 8 yẹn ni mo fi mu kíríátíìnì, n kò pa ọjọ́ kan jẹ. Mo ṣe ti gíráàmù 20 yẹn náà fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n gé e, ojú ti èmi fúnra mi. Nọ́ọ̀sì la píópì sí méjì bí ìgbà tí wọ́n la ìgbín, ẹsẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Ó funfun, èèpá ń bọ́ lára rẹ̀, irun ti gùn lórí rẹ̀, itan sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì ká a, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé ẹran kì í gbẹ.

Baba Jíìmù Gwárínpà

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ.

Àlàbí Kánò

Ìyókù ike kan náà ni mo mu lẹ́yìn tí wọ́n gé e, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ físíò. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Láàárín oṣù kan, mo ti ń gun àkàsọ̀ láìdi ọwọ́ mú. Ẹni tí a jọ ń lọ, tí tirẹ̀ ṣáájú tèmi, ṣì ń gbá ọ̀pá mú. Bóyá nítorí kíríátíìnì ni, bóyá nítorí pé mo kéré sí i lọ́jọ́ orí ni, n kò mọ̀.

Físíò Kàdúná

Àlàbí, ohun tó ṣe ọ́ yẹn jọ ohun tí wọ́n rí ní Bẹ́ljíọ̀mù gẹ́lẹ́. Ọdún 2001 ni wọ́n gbé e jáde. Ọ̀dọ́ 22 tí ara wọn le ni wọ́n de ẹsẹ̀ wọn sínú píópì fún ọ̀sẹ̀ 2. Àwọn kan mu kíríátíìnì, àwọn yòókù mu ìyẹ̀fun lásán. Nígbà tí wọ́n gé píópì, kò sí ìyàtọ̀: bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ẹran itan ló gbẹ lára gbogbo wọn, agbára wọn sì dín ju ìdá 20 lọ. Ọ̀sẹ̀ 10 tí wọ́n fi ṣe eré ìmúlárale lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó yọ. Àwọn tó ń mu kíríátíìnì ni ẹran itan wọn tètè padà.

Àwọn ará Nẹ́dálándì tún un ṣe, wọ́n gbé tiwọn jáde ní 2017. Ọkùnrin 30 ni, ọ̀sẹ̀ kan nínú píópì, ẹsẹ̀ náà ni. Wọ́n tilẹ̀ fi gíráàmù 20 lóòjọ́ kún inú ẹran wọn fún ọjọ́ 5 kí píópì tó wọlé rárá. Ẹran gbẹ lára àwọn tó mu ún bó ṣe gbẹ lára àwọn tí kò mu ún.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ Ọmọ Ọ̀fà gbé ike tó dáa wá, ìgbà tó máa wúlò jù ló ṣi sọ. Ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀ nìyí. Ẹran tó ń ṣiṣẹ́ ló ń fa kíríátíìnì mọ́ra. Láti 1992 ni wọ́n ti rí i ní Súwídìn: wọ́n ní kí àwọn èèyàn fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wa kẹ̀kẹ́ àdúrókan fún wákàtí kan lóòjọ́, wọ́n sì ń fún wọn ní kíríátíìnì. Ẹsẹ̀ tó ń wa kẹ̀kẹ́ gba púpọ̀ ju èkejì lọ, ẹnu kan náà ni wọ́n sì fi mu ún. Ẹran tó sùn sínú píópì dà bí ilé tí kò sí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn. Ó ṣì ń wọlé díẹ̀díẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ tí yóò fi ṣe níbẹ̀. Ohun tó ń gbẹ ẹran nínú píópì ni pé kì í kó purotéènì tuntun jọ mọ́ bó ṣe yẹ, torí pé a kò lò ó.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kúbwà

Físíò, ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n apá ni tèmi, ẹsẹ̀ ni wọ́n dán wò ní Bẹ́ljíọ̀mù àti Nẹ́dálándì. Ṣé kò lè jẹ́ pé apá yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ni? Mo tún rí i pé láti àná, ìka mi méjì ń wọ àlàfo tó wà lókè píópì. Ní ọjọ́ kẹta, ìka kan kò lè wọ̀ ọ́. Ṣé ẹran ti ń gbẹ nìyẹn?

Físíò Kàdúná

Ìbéèrè dáadáa lo bi. Ó ṣeé ṣe kí apá yàtọ̀. Ẹsẹ̀ ló ń gbé wa kiri láti àárọ̀ dé alẹ́, tí a bá dè é, àdánù rẹ̀ pọ̀. Èmi kò lè fi èèyàn 7 búra fún ọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì lè fi ẹsẹ̀ ẹlòmíì sọ fún ọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti àlàfo, ọjọ́ 9 péré nìyí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wíwú tó ti lọ sílẹ̀. Ẹran náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ ló máa ń yá jù, ṣùgbọ́n ìka méjì láàárín ọjọ́ mẹ́fà, wíwú nìyẹn. Tí píópì bá wá ń yí lọ́wọ́ rẹ, padà sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tún un dè, torí egungun lè yẹ̀.

Wíwú yìí náà ni kò jẹ́ kí n fẹ́ràn gíráàmù 20 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí píópì ṣì fún. Kíríátíìnì ń fa omi wọ ẹran, píópì kì í fẹ̀. N kò rí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tó yẹ kí èèyàn máa kánjú sí níbẹ̀. Èyí kò kan kíríátíìnì, bó o mu ún, bí o kò mu ún: tí ìka rẹ bá wú, tó kú tìpìrì, tó funfun tàbí dúdú, tí ìrora sì ń le sí i tí oògùn kò ràn án, má dúró di àárọ̀. Ọsibítù lóru yẹn ni.

Jẹ́ ká ṣírò ike rẹ. Ọjọ́ 42 ni píópì, 9 ti lọ, ó ku 33. Tí o bá ṣe ti ẹ̀gbọ́n Baba Jíìmù, gíráàmù 140 ti lọ lọ́sẹ̀ kan, 160 tó kù á tó ọ fún ọjọ́ 32. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 39. Ìyẹn ni pé ọjọ́ 6 lẹ́yìn tí wọ́n bá gé píópì ni ike tán, ìgbà tí ẹran rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Tí o bá ń mu gíráàmù 5 lóòjọ́ láti òní, 165 ni o máa lò nínú píópì, 135 á kù, ọjọ́ 27 nìyẹn fún eré ìmúlárale. Kò sì sí ohun tí o pàdánù, torí pé gíráàmù 3 lójúmọ́ fún bí oṣù kan ń kún ẹran tó ti 20 fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó kàn ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé e, ó ti kún dé etí.

Tó bá jẹ́ pé owó ike kan ṣoṣo lo ní, tí o sì bi mí pé èwo ni kí o fi sílẹ̀, má ṣí i títí wọ́n á fi gé píópì.

Baba Jíìmù Gwárínpà

Ṣírò yẹn dáa, n kò jiyàn. Àmọ́ èmi ì bá ra ike méjì.

Adétóún Wúsè

Ilé ìtajà oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọmọ Ọ̀fà, ka ẹ̀yìn ike yẹn. Ó yẹ kó jẹ́ kíríátíìnì mónóháídíréètì nìkan. Àwọn kan wà tí wọ́n po kaféènì àti oríṣiríṣi mọ́ ọn fún àwọn tó ń lọ sí jíìmù, ìyẹn kò wúlò fún ẹni tó jókòó sílé tí oorun kò sì tó. Wo bóyá bébà tó bo ẹnu ike nísàlẹ̀ ìdérí ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

Nínú omi tútù, á jókòó sísàlẹ̀ ife bí iyanrìn, wàá rò pé kò dáa. Kò sí ohun tó ṣe é, omi rẹ ló tutù. Fi sínú kúnú gbígbóná tàbí ògì, rò ó, mu ún lójú ẹsẹ̀. Má pò ó sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí nínú omi ló ti ń di kíríátínínì tí Ìyá Ìbejì ń bá jà. Gíráàmù 5 jẹ́ bíi ṣíbí tíì kan, ṣùgbọ́n tí ṣíbí bá wà nínú ike, tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Alhaja Mínnà

Àsàlámù àlékún. Ọmọ ọdún 61 ni mí, ọrùn ọwọ́ mi ló kán, ọ̀sẹ̀ kejì nìyí. Ṣé èmi náà lè mu ún? Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì fẹ́ san àwẹ̀ tí mo jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Físíò Kàdúná

Wàálékúmù sàlámù, Alhaja, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀dọ́ tí ara wọn le, tí egungun wọn kò kán rárá, ni gbogbo àwọn tí mo dárúkọ wọ̀nyẹn. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jọ yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè ti fọwọ́ kan kíndìnrín láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín kí ẹ tó ra ohunkóhun. Tí ó bá mọ́ tí dókítà sì gbà, ṣíbí 1 nígbà ìṣínú pẹ̀lú omi tó tó ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí, ẹyin àti ẹja tí ẹ ń jẹ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tó wà ní ọjọ́ orí yín, ògì àti búrẹ́dì ni wọ́n fi ń ṣe ìtọ́jú ara wọn. Ẹ sì máa ká àwọn ìka yín, kí ẹ máa nà wọ́n, kí ẹ máa gbé èjìká sókè. Èjìká tó gan nítorí ọrùn ọwọ́ tó kán, mo ti rí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Àlàbí Kánò

Kí ni èèyàn wá lè ṣe nínú píópì tó fìdí múlẹ̀ ju ìyẹ̀fun yìí lọ?

Físíò Kàdúná

Apá kejì. Ó dà bí àwàdà. Tí o bá ń fi apá ọ̀tún gbé nǹkan tó wúwo, agbára apá òsì tó wà nínú píópì kì í dín tó bó ṣe yẹ kó dín. Ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára ló ń ṣe é, torí pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú agbára tó ń sọnù ti ń sọnù. Ọmọ Ọ̀fà, bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 10, fi ọwọ́ ọ̀tún ká a sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, sinmi, tún un ṣe ní ìgbà mẹ́ta sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Tó bá rọrùn fún ọ ní ẹ̀ẹ̀kẹjọ, bu omi kún un. Ní ti kí o máa fún ẹran apá òsì fúnra rẹ̀ nínú píópì láìjẹ́ pé ó yí, bi dókítà tó de egungun, torí èmi kò rí ẹ́síréè rẹ.

Ìyá Ìbejì Nyányà

Ọlọ́run á fún ọ ní àlàáfíà, Físíò. Mo ti pe bàbá àwọn ìbejì láti wá ka ti kíríátínínì yẹn. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kúbwà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Wọ́n gé píópì mi ní ọjọ́ Ajé. Gíráàmù 5 lóòjọ́ ni mo mu, àfi ọjọ́ méjì tí mo gbàgbé, àti ọjọ́ kan tí mo fi orúnkún há ike láti ṣí i, ó sì dà sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi náà, mo gbé e dáadáa, àwọn ọmọ alájọgbé mi ti ń pè mí ní mẹruwa.

Mo fi téèpù aránṣọ wọn apá méjèèjì ní ìbú ọwọ́ kan sókè ìgúnpá. Ọ̀tún jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 31, òsì jẹ́ 28 àti ààbọ̀. N kò wọ̀n wọ́n kó tó kán, nítorí náà n kò mọ èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Baba Jíìmù Gwárínpà

Sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ péré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6! Kíríátíìnì ṣiṣẹ́. Mo sọ ọ́.

Físíò Kàdúná

Tàbí kẹ́ẹ̀gì. Tàbí kílò ẹ̀fọ́ àti ẹja tí ìyàwó ilé ń sè. Tàbí kó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ì bá ṣe rí. Apá ọ̀tún yẹn náà ti lè tóbi sí i láti ara kẹ́ẹ̀gì, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ọ̀fà, ìgúnpá ńkọ́? Ṣé ó ń nà?

Ọmọ Ọ̀fà ní Kúbwà

Kò nà. Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn. Ó ká sí bó ṣe wà nínú píópì, bí ìgbà tí mo gbé àpò bàgì sí i. Mo rò pé ẹran ni ìṣòro, kò tilẹ̀ sọ́kàn mi pé oríkèé lè gan tó báyìí.

Físíò Kàdúná

Kíríátíìnì kò mọ oríkèé. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí o máa nà án fúnra rẹ díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tipátipá fà á fún ọ, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń fi òrí wọ́ ọ. Wá físíò kan nítòsí rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Ṣíbí rẹ kò yí padà, 1 lóòjọ́. Ìgbà yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní iṣẹ́.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kúbwà

Ọjọ́ kẹfà nìyí. Ọwọ́ òsì ti ń dé bọ́tìnì kejì ẹ̀wù mi. Ti ọrùn, ìyàwó mi ṣì ni ó ń bá mi dè é.